Ẹ Má Fọwọ́ Kan sdd: Ìwé Tí Mo Fi Sílẹ̀ fún Ẹni Tó Ń Ṣiṣẹ́ Alẹ́

Aago 6:45 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Túsìdeè kan ni mo jókòó ti ẹ̀rọ náà láti kọ ìwé tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ní aago 7. Ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn ni. Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀m̀pútà wọn lọ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n kan tó fi bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ ló ń ṣe ti alẹ́. Andófà ni àwa òṣìṣẹ́ ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ń lọ déédéé, ìlà méjì ti tó: "Kò sí wàhálà. Dísù wà." Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, odindi ojú ìwé méjì ni mo kọ, lẹ́yìn tí mo ti fa àkọ́kọ́kọ ya.

Sáfà tó ń kó àwòrán ẹ̀síréè ilé ìwòsàn náà pamọ́ ló ń ṣàìsàn. Sáfà kì í ṣe nǹkan àràmàǹdà. Kọ̀m̀pútà ni, àmọ́ òun kì í sùn, òun sì ni àwọn kọ̀m̀pútà yòókù nínú ilé ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí dókítà bá fẹ́ wo egungun ẹsẹ̀ ẹni tí ọ̀kadà gbá ní aago 2 òru, inú sáfà yẹn ló ti máa rí àwòrán rẹ̀.

Dísìkì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ fún àwòrán, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba tẹ́ráàbáìtì 4. Wọ́n so wọ́n pọ̀ lọ́nà kan tí ojú ẹ̀rọ máa ń kọ ní `raid5`. Kó lè yé yín, ẹ jẹ́ ká gba ọ̀dọ̀ alájọ kọjá. Ká ní èèyàn mẹ́ta dá àjọ lónìí: ẹni kìíní dá 500, ẹnì kejì dá 200, ẹnì kẹta dá 300. Alájọ kọ ti oníkálukú sínú káàdì tirẹ̀, ó wá kọ àròpọ̀ wọn, 1,000, sínú káàdì kẹrin. Bí káàdì ẹnì kejì bá jóná, kò séwu: ẹ yọ 500 àti 300 kúrò nínú 1,000, ẹ ó rí 200 rẹ̀ padà. Àmọ́ bí káàdì méjì bá jóná pọ̀, ó ti parí nìyẹn, kò sí ìṣirò tó lè mú un bọ̀. Ohun tí `raid5` ń ṣe kò jìnnà sí èyí, àfi pé kì í kó gbogbo àròpọ̀ jọ sórí dísìkì kan, ṣe ló ń pín in káàkiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìdí nìyẹn tí a fi ra tẹ́ráàbáìtì 16 tó jẹ́ pé 12 la ń rí lò. Mẹ́rin yòókù ni ohun tí a san kí dísìkì kan lè kú láìmú àwòrán kankan lọ. Ètò náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: láti 1988 ni Patterson, Gibson àti Katz ti Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley ti kọ̀wé lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, dísìkì kan kú lóòótọ́. Láti ìgbà tí ọ̀kan bá ti kú títí di ìgbà tí wọ́n bá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ tí ìṣirò sì parí, orí okùn kan ṣoṣo ni gbogbo àwòrán yẹn wà. Alẹ́ tí mo fẹ́ fà lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ bọ́ sí àárín àkókò yẹn gan-an.

Àkọ́kọ́kọ tí mo fà ya, ọmọlúàbí ló bà á jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Sáfà àwòrán ń ṣe wá bákan lónìí, mo ti yí dísìkì padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fojú sí i." Nígbà tí mo kà á, mo rí i pé kò sọ nǹkan kan. Kí ni kí wọ́n fojú sí? Ṣùgbọ́n báwo ni àbúrò ṣe ń kọ "ẹ má ṣe èyí, ẹ má ṣe tọ̀hún" sílẹ̀ fún ẹni tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe kí òun tó jáde ìwé mẹ́wàá? Ọgbọ́n tí mo wá dá ni pé kò ní sí "ẹ má ṣe" kan tí mi ò ní kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí àgbà bá ti rí ìdí, òun fúnra rẹ̀ ló ń dá ẹjọ́ náà.

Mo kọ́kọ́ kọ ohun tí mo ti gbìyànjú. Àwọn kan rò pé apá yìí kò wúlò, pé ohun tó ti kọjá ti kọjá. Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ.

Aago 9:10 àárọ̀ ni nọ́ọ̀sì kan pè mí pé àwòrán ń pẹ́ kó tó jáde. Mo tẹ `dmesg`, mo sì rí i pé àwọn ibì kan wà lára dísìkì tí ẹ̀rọ ń pè ní sdc tí kò ṣeé kà mọ́. Dísìkì òde òní a máa kọ àìsàn ara rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà mo bi òun fúnra rẹ̀ léèrè:

```
smartctl -A /dev/sdc
```

Nínú gbogbo ohun tó dá mi lóhùn, ìlà mẹ́ta ni mo mú. `Reallocated_Sector_Ct` jẹ́ 48: ibi mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lé ní méjìlélógún ti bàjẹ́ tó sì ti fi àyè mìíràn rọ́pò wọn. `Current_Pending_Sector` jẹ́ 16: ibi tó gbìyànjú láti kà tí kò rí kà, tí kò sì tíì dá a lẹ́jọ́ bóyá ó ti kú pátápátá. Ìkẹta, `UDMA_CRC_Error_Count`, jẹ́ 212. Èyí ni iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ dàrú lójú ọ̀nà, láàárín dísìkì àti bọ́ọ̀dù. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ yìí, tó bá rí 212, wáyà ló máa kọ́kọ́ fura sí. Èmi náà fura sí i. Ní aago 10:05 mo pa sáfà fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mo pààrọ̀ wáyà, mo tàn án padà.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ níbí ni pé nọ́ńbà ìkẹta yìí kì í rẹlẹ̀ láéláé, kódà bí ẹ bá ra wáyà tuntun. Ohun tí ẹ ó máa wò ni bóyá ó ń gòkè. Títí di aago 1 ọ̀sán, 212 ni ṣì wà. Wáyà àtijọ́ kò dáa lóòótọ́, mo sì ti wò ó sàn. Ṣùgbọ́n láàárín àkókò kan náà, àwọn ibi tí kò ṣeé kà ti fò láti 16 sí 64. Ara dísìkì fúnra rẹ̀ ni àrùn wà. Ní aago 1:12, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lé sdc jáde nínú ẹgbẹ́.

Ká ní mi ò kọ èyí sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n á dé ní aago 7, wọ́n á wo àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà, wọ́n á rí 212, wọ́n á sọ pé, "Wáyà ni, ọmọdé yìí ò mọ̀." Nígbà tó bá di aago 1 òru, wọ́n á pa sáfà, wọ́n á sì ṣí i, ní wákàtí tí a ò gbọ́dọ̀ pa á. Nítorí náà ohun tí mo kọ ni: "Wáyà: mo ti pààrọ̀ rẹ̀ ní 10:05. 212 kò gòkè láti ìgbà náà. Kì í ṣe wáyà mọ́."

Kí n tó fi dísìkì tuntun sí i, mo kọ́kọ́ yẹ ẹ̀dà àná wò. Kò tó kéèyàn rí i pé fáìlì wà níbẹ̀. Mo mú àwòrán mẹ́wàá láti oṣù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì wò wọ́n fínnífínní. Ní aago 3:20 mo ki dísìkì tuntun bọ ibi tí ti tẹ́lẹ̀ wà, ìṣirò alájọ sì bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní aago 6:45 nìyí, mo dà á kọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí `cat /proc/mdstat` ṣe fi hàn mí:

```
md0 : active raid5 sdc1[5] sdb1[0] sdd1[2] sde1[4]
      11720659392 blocks super 1.2 level 5, 512k chunk, algorithm 2 [4/3] [U_UU]
      [=====>...............]  recovery = 28.7% (1121276416/3906886464) finish=489.2min speed=94900K/sec
```

Ibi tí ojú ń lọ ni `[U_UU]`. Lẹ́tà U kọ̀ọ̀kan dúró fún dísìkì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ìlà kékeré tó wà ní ipò kejì sì ni àyè tí wọ́n ṣì ń kún. Ìdá 28.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló dé, ó ku ìṣẹ́jú 489. Bí nǹkan kan ò bá dí i lọ́wọ́, aago 3 òru ku ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ni yóò parí, `[U_UU]` yóò sì di `[UUUU]`. Mo kọ aago tí mo wò ó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà tí kò ní aago kò ṣeé fi wé nǹkan kan.

Ìkìlọ̀ ló wá kàn, àti ìdí tí mo fi ń bẹ̀rù. Ìṣirò yìí kò lè parí àfi kó ka àwọn dísìkì mẹ́ta tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tẹ́ráàbáìtì 12 lápapọ̀. Àwọn tó ń ṣe irú dísìkì bẹ́ẹ̀ sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ fúnra wọn pé ìkúnà kan lè wáyé nínú bíìtì 100,000,000,000,000 tí wọ́n bá kà, ìyẹn nǹkan bíi tẹ́ráàbáìtì 12 àbọ̀. Tí a bá ń bá òótọ́ lò, dísìkì sábà máa ń ṣe dáadáa ju ohun tí ìwé wí lọ. Àmọ́ ẹ ò rí i pé àlàfo tó wà láàárín iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ yẹn àti ààlà tí ìwé sọ kò tó nǹkan. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọjọ́ kan náà la ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nínú páálí kan náà. Wọ́n ti dàgbà pọ̀, wọ́n ti jọ jẹ ooru kan náà. Nígbà tí mo yẹ àwọn tó kù wò, sdb àti sde mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n sdd ní ibi 2 tí kò rí kà.

Méjì lè dà bí ohun tí kò tó sọ. Ní 2007, àwọn oníṣẹ́ ìwádìí ní Google kọ̀wé lórí dísìkì tó ju 100,000 lọ tí wọ́n ń lò. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn tí dísìkì bá ti rí àṣìṣe àkọ́kọ́ níbi tó ti ń yẹ ara rẹ̀ wò, ewu pé yóò kú láàárín ọgọ́ta ọjọ́ fi ìlọ́po 39 ju ti èyí tí kò ní àṣìṣe lọ. Ohun tó tún ya mí lẹ́nu nínú ìwé kan náà ni pé ó lé ní ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kú tó jẹ́ pé wọn ò fi àmì kankan hàn kí wọ́n tó kú. Nítorí náà, àmì tí ẹ bá rí, ẹ kà á sí. Èyí tí ẹ ò rí, kì í ṣe ẹ̀rí àlàáfíà.

Ohun tí mo kọ nípa sdd rèé: "Ẹ máa wò ó ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. 2 ni báyìí. Bó bá di 3 tàbí 4, ẹ kàn kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ju 10 lọ, tàbí tí ìṣirò bá dúró lójijì, ẹ pè mí, ẹ má wo aago. Ẹ má fà á yọ. Ẹ má tẹ `mdadm --create`, ohunkóhun tí ẹ bá kà níbikíbi, nítorí ó lè kọ ètò tuntun lé ti àtijọ́ lórí, a ò sì ní rí nǹkan kan kó mọ́. sdc àtijọ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó o dànù: bí sdd bá lọ, ó ṣeé ṣe kí ìwọ̀nba tó ṣì ṣeé kà lára rẹ̀ jẹ́ ohun tó kù fún wa."

Ó tún ní ọ̀rọ̀ nípa orúkọ. Lẹ́tà sdb, sdc, sdd yẹn kì í ṣe orúkọ àbísọ. Ẹ̀rọ ló ń pín in fún wọn bí wọ́n ṣe jí, ó sì lè yí padà bí ẹ bá pa á tí ẹ tún tàn án. Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sára dísìkì ni kì í yí. Nítorí náà mo fi sẹ́lótéèpù lẹ bébà mọ́ iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ lẹ́tà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà rẹ̀ sí i, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àṣejù ni, kó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní GitLab ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017. Òṣìṣẹ́ kan tó ti ń bá wàhálà fà á títí alẹ́ fi lẹ́ rò pé orí sáfà kejì lòun wà. Ó ní kí ó pa àkójọ rẹ́, àmọ́ orí sáfà àkọ́kọ́, èyí tí àwọn oníbàárà ń lò, ló wà. Kó tó dá a dúró, nǹkan bíi gígáàbáìtì 300 ti lọ, iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà sì bá a lọ. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fáyé gbọ́, mo sì yìn wọ́n fún un.

Ti iná ni mo rò jù. Ìfátà wa lè gbé sáfà fún bí ogójì ìṣẹ́jú bí NẸ́PÀ bá lọ, jẹnẹrétọ̀ sì wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbẹ́ `raid5` kò bá pé, tí iná wá já lójijì nígbà tó ń kọ nǹkan lọ́wọ́, àròpọ̀ inú káàdì àti owó tí wọ́n dá lè má bá ara wọn mu mọ́. Ẹ̀rọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iná bá padà, yóò kọ̀ láti gbéra, yóò kọ `cannot start dirty degraded array` sójú, títí ẹnì kan yóò fi wá pinnu ohun tí yóò ṣe. Ìyẹn kì í ṣe ìpinnu aago 3 òru. Nítorí náà, mo ti kọ ọ́ lókè pé kí wọ́n má pa sáfà, mo wá kọ ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n lè pa á: "Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì jí láàárín ìṣẹ́jú 15, ẹ tẹ `shutdown -h now`. Ẹ má dúró kí ìfátà tán fúnra rẹ̀. Pípa tí a pa á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kò burú. Kíkú lójijì ló burú."

Ooru náà wà níbẹ̀. Ìwé ọ̀pọ̀ dísìkì fi ìwọ̀n 60 ṣe òpin ibi tí wọ́n lè ṣiṣẹ́ dé. Ní 6:45, sdd wà ní 47, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù tó ń ṣiṣẹ́. Mo kọ ọ́ pé bó bá kọjá 52, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn yàrá, kí wọ́n sì fi àṣẹ yìí dín ìkánjú ìṣirò kù:

```
echo 50000 > /proc/sys/dev/raid/speed_limit_max
```

Yóò pẹ́ sí i, àmọ́ ara rẹ̀ yóò tutù.

Ohun tó kẹ́yìn nínú ìwé náà ni ohun tí mo mọ̀ọ́mọ̀ dá dúró, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ andófà ti ń kùnà. Aago 1 òru ni ètò tó ń ṣe ẹ̀dà máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti pa á fún alẹ́ yẹn nìkan, ìdí méjì sì ni. Àkọ́kọ́, yóò máa bá ìṣirò du dísìkì. Èkejì, bí nǹkan bá ti bàjẹ́ láìjẹ́ pé a mọ̀, ẹ̀dà tuntun lè gorí ti àná, èyí tí mo fi ojú ara mi yẹ̀ wò. Bí mi ò bá sọ fún wọn, òṣìṣẹ́ tó bá mọṣẹ́ á rí i pé ẹ̀dà kò bẹ̀rẹ̀, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tàn án padà, ire lá rò pé òun ń ṣe. Iná pupa tó ń ṣẹ́jú níwájú sáfà náà, mo kọ ọ́ pé ti sdc ni, a mọ̀ nípa rẹ̀. Bí èkejì bá tàn, tuntun ni.

Ẹ̀gbọ́n dé ní aago 7 kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n fi awò ojú wọn wọ̀, wọ́n kà á lórí ìdúró, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Dísù tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ yẹn, ìwọ lo wọ̀n ọ́n, àbí wọ́n sọ fún ọ ni?" Wọ́n sọ fún mi ni. A jọ lọ fi igi wọ̀n ọ́n: kò tó ìdá mẹ́rin táńkì. Gbogbo ojú ìwé méjì mi, ohun kan tí mi ò fojú ara mi rí ló jẹ́ irọ́ nínú rẹ̀. Mo pa "Dísù wà" rẹ́, mo lọ ra kẹ́ẹ̀gì méjì kí n tó lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ìwé tiwọn lábẹ́ tèmi. NẸ́PÀ lọ ní 11:50, jẹnẹrétọ̀ jí ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ní 1:40, sdd dé 53, wọ́n dín ìkánjú kù. Ìṣirò parí ní aago 4 kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, `[UUUU]`. Ní aago 6, ibi tí sdd kò rí kà ṣì jẹ́ 2.

Ní Tọ́sìdeè, ó di 9. Ní Sátidé, a lo `mdadm --replace`, tó ń da ohun inú rẹ̀ sórí dísìkì tuntun nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹgbẹ́ má bàa dín kù rárá. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo yọ sdc àtijọ́ kúrò nínú dúrọ́ọ̀, mo kó òun àti sdd pọ̀, ẹ̀gbọ́n sì fi díríìlì lu àwọn méjèèjì, nítorí àwòrán àwọn aláìsàn ṣì wà lára wọn.